Lẹ́tà sí Onífọ́tò: Bí A Ṣe Ń Ní Kó Yí Ẹ̀yìn Fọ́tò Òde Padà

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan tó ṣe ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún fún ìyá wọn ní Ìbàdàn. Àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn gbé ògiri òdòdó kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọ̀ wáìnì látòkè délẹ̀, níbi tí àwọn àlejò yóò ti máa dúró ya fọ́tò kí wọ́n tó wọlé jókòó. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n fi sí àárín òdòdó náà ni 60, dípò 70. Nínú ariwo ìlù àti ìkíni, kò sẹ́ni tó kíyè sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun kejì tún wà tí kò sẹ́ni tó rò: gèlè aṣọ ẹbí náà, àwọ̀ wáìnì ni. Nígbà tí fọ́tò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá tó pé àádọ́rin ọdún dúró níwájú ọgọ́ta, gèlè àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wọ inú òdòdó lọ, ojú nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa fi ránṣẹ́ sí onífọ́tò nírú àsìkò báyìí kì í ju gbólóhùn kan lọ: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa yí bákídírọ́ọ̀pù yẹn padà, ẹ fi èyí tó fínjú sí i. Onífọ́tò yóò wá fi èrò tirẹ̀ parí gbogbo ohun tí a kò sọ. Yóò mú àwọn fọ́tò tó bá rò pé a ní lọ́kàn, yóò wá ògiri tó fínjú lójú tirẹ̀, yóò sì jókòó ti iṣẹ́ náà fún ọjọ́ púpọ̀. Tó bá fi ránṣẹ́, a ó ní kì í ṣe irú èyí là ń fẹ́. Òun náà yóò ní a kò sọ èyí tí a fẹ́, òótọ́ ló sì sọ. Mo ti rí i tí irú ọ̀rọ̀ yìí ba àárín onífọ́tò àti àwọn tó ti ń ya fọ́tò fún látìgbà ìkómọ.

Ímeèlì ló yẹ ká fi kọ ọ́. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ sórí Wọ́sáàpù yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọgọ́rin fọ́tò nílò ìwé tó lè ṣí sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó máa wo nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa fàmì sí èyí tó ti parí. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló bá máa ṣe é, ìwé náà ni yóò gbé fún un. Bí àríyànjiyàn bá sì dé, ohun tí a kọ ni a ó padà sí.

Kí a tó mọ ohun tó yẹ ká kọ, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ onífọ́tò. Yíyí ẹ̀yìn fọ́tò padà ni pé kó tọ etí ara gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò náà, láti orí dé ẹsẹ̀, kó yọ wọ́n kúrò níwájú ògiri àtijọ́, kó wá tẹ́ ògiri tuntun sẹ́yìn wọn. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà a máa bá a tọ apá tó rọrùn níṣẹ́jú díẹ̀: agbádá funfun níwájú ògiri dúdú kò ṣòro. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń rẹ̀ ni etí gèlè tó ní fọ́nrán wẹ́wẹ́, ọwọ́ lẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ oníyẹ́ẹ́, àti irun tó dúró síta létí fìlà. Àwọn ibi wọ̀nyí, ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ó sì lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀ lórí fọ́tò kan ṣoṣo.

Èyí ni iṣẹ́ fọ́tò kan. Ọgọ́rin fọ́tò láti òde kan náà ní ìṣòro mìíràn tí fọ́tò kan kò ní, òun sì ni kókó tí lẹ́tà wa gbọ́dọ̀ mú. A ó tò wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù kan, ojú yóò rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò sì fẹ́ gbà pé níwájú ògiri kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti dúró. Bí ògiri bá ń yí ìwọ̀n àti àwọ̀ padà láti ojú ewé kan sí èkejì, ẹni tó ń wò ó lè máà mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà dáadáa, nítorí òun ló máa ń sá mọ́ àwọn ènìyàn lójú jù. Ká ní ògiri tuntun tí a mú ní òdòdó, òdòdó kọ̀ọ̀kan sì tó ìkúùkù ọwọ́. Nígbà tí Màmá nìkan ya fọ́tò láti àyà sókè, onífọ́tò sún mọ́ ọn, nítorí náà òdòdó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kò sì yẹ ká rí ju díẹ̀ lọ nínú wọn. Nígbà tí ọmọ ìyá méjìlá tò gbọọrọ, ó ní láti fà sẹ́yìn kí gbogbo wọn lè wọlé, òdòdó náà gbọ́dọ̀ kéré, kó sì pọ̀. Onífọ́tò tó ń kánjú yóò mú àwòrán ògiri kan ṣoṣo, yóò sì nà án kó kún ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan bákan náà. Ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde ni pé òdòdó yóò tó ìkúùkù lẹ́yìn Màmá, yóò sì tó orí ènìyàn lẹ́yìn ọmọ ìyá méjìlá. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ sọ bí ògiri náà ṣe tóbi tó gan-an ká ní ògiri tòótọ́ ni: ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní fífẹ̀, mẹ́jọ ní gíga, fún àpẹẹrẹ. Nígbà náà ni onífọ́tò yóò máa fi gíga àwọn ènìyàn inú fọ́tò wọ̀n ọ́n, nítorí ó mọ̀ pé àgbàlagbà obìnrin tó wé gèlè yóò tó bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Ilẹ̀ náà ń kọ́? Nínú fọ́tò tó gé ènìyàn ní ìdí, kò sí ilẹ̀, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n fọ́tò tó mú bàtà ní ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ìlà yẹn kò sì gbọdọ̀ máa gòkè máa sọ̀ láàárín àwọn fọ́tò tí a yà láti ibì kan náà. Òjìji sì wà lábẹ́ bàtà. Bí onífọ́tò bá pa òjìji náà rẹ́ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ àtijọ́, àwọn ènìyàn yóò léfòó. Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni pé kí ilẹ̀ gbọ̀ngàn gan-an dúró bó ṣe wà, kí ògiri nìkan yí padà. Iṣẹ́ á dín kù, òjìji á sì wà ní ipò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yà á.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Bí iná onífọ́tò bá wà lápá òsì, apá òsì ojú gbogbo ènìyàn yóò mọ́lẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ògiri tuntun tó mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún yóò tako ojú wọn. Bákan náà, bí fúláàṣì orí kámẹ́rà ló lò, òjìji gèlè yóò ti hàn lára ògiri àtijọ́. Tí ògiri náà bá lọ, òjìji náà lọ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ènìyàn á wá dà bí àwòrán tí a gé lẹ̀ mọ́ pépà. A kò nílò láti kọ́ onífọ́tò níṣẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Gbólóhùn kan tó: kí ìmọ́lẹ̀ ògiri tuntun wá láti apá kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ojú àwọn ènìyàn ti wá, kí òjìji díẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn.

Látinú gbogbo èyí ni mo ti rí ìdí tí mo fi fara mọ́ ògiri aláìlódòdó fún iṣẹ́ bí èyí. Aṣọ kan tó ní àwọ̀ kan ṣoṣo, tó dúdú díẹ̀ léteetí, kò ní òdòdó tí ìwọ̀n rẹ̀ lè tàsé, kò sì ní lẹ́tà tí ẹnì kan lè kọ ní àṣìṣe. Owó rẹ̀ á mọ, kì í sì í tètè sú ojú. Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó dandan kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ó ń ra iṣẹ́ púpọ̀ sí i, kó sì fi àwòrán òdòdó náà ránṣẹ́ bó ṣe tóbi tó. Fọ́tò tí kámẹ́rà piksẹ́lì mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún yà máa ń fẹ̀ tó piksẹ́lì 6000. Bí àwòrán ògiri tí a gbà lórí Wọ́sáàpù bá jẹ́ 1600 péré, onífọ́tò yóò nà án fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po mẹ́rin kó tó kún fọ́tò náà, yóò sì rí ṣìkìṣìkì lẹ́yìn ojú tó mọ́ gaara. Kí a fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, ká má bàa fún un ní èyí tí wọ́n ti fún pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà nílò ìṣọ́ra. «Àwọ̀ ewé» lásán kò tó, nítorí ewé ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ojú fóònù tèmi sì yàtọ̀ sí ti onífọ́tò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi #24483A, tó jẹ́ àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò yí padà láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ lè fi hàn bákan ṣá. Ṣáájú ká tó mú àwọ̀, ká to gèlè, ìborùn àti fìlà aṣọ ẹbí sórí ibùsùn, ká yẹra fún gbogbo àwọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìdílé tí à ń sọ yìí wé gèlè wáìnì, Màmá wọ lẹ́ẹ̀sì tó dà bí òrí àmọ́ tuntun, ó sì wé gèlè wúrà. Àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀ gba gbogbo wọn. Èwo ni kò bá gbà? Wáìnì, pupa rẹ́súrẹ́sú, wúrà, àti funfun tó súnmọ́ ti lẹ́ẹ̀sì Màmá.

Àwọn onífọ́tò ilẹ̀ wa ti mọ agbára ẹ̀yìn fọ́tò tipẹ́. Ní Bàmákò, olú ìlú Málì, Seydou Keïta ṣí sitúdíò rẹ̀ ní 1948. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà, lẹ́yìn náà ló ń pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn lẹ́yìn ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ayé wá fẹ́ mọ ọdún tó ya àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ ẹ̀yìn ló fi ń dá wọn mọ̀. Ohun tí ẹ̀yìn fọ́tò ń ṣe nínú álíbọ́ọ̀mù ilé wa nìyẹn pẹ̀lú: òun ló ń so ọgọ́rin fọ́tò pọ̀ mọ́ ọjọ́ kan.

Nísinsìnyí, fọ́tò wo àti wo? Níbi tí lẹ́tà ti máa ń kùnà jù nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló rọrùn jù. Gbogbo fọ́tò ló ní orúkọ fáìlì tí kámẹ́rà fún un, bíi DSC_0118 tàbí IMG_2041. Orúkọ yẹn ni kí a kọ. «Èyí tí Ẹ̀gbọ́n Àgbà fi ń rẹ́rìn-ín» kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ Ẹ̀gbọ́n Àgbà. Kí a má sì fi fọ́tò tí a yà lójú fóònù ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí orúkọ fáìlì kì í bá a wá. Ká jókòó ti gbogbo fọ́tò náà ní alẹ́ kan, ká kọ nọ́ńbà gbogbo èyí tó ní ògiri wáìnì lẹ́yìn, ká sì yọ èyí tí kò yẹ kó wọlé. Àwọn wo ni kò yẹ? Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ju ògiri náà lọ, tí àga gbọ̀ngàn àti àwọn àlejò tó ń kọjá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí a bá fi aṣọ ewé bo àwọn yẹn, òde á parẹ́ nínú fọ́tò òde. Kí wọ́n dúró bí wọ́n ṣe wà, ká kàn ní kí onífọ́tò pa nọ́ńbà 60 rẹ́ nínú wọn. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ kékeré.

Mo tún fẹ́ kí lẹ́tà sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Onífọ́tò tó ti ṣí fọ́tò sílẹ̀ lè rò pé ojúrere lòun ń ṣe tó bá fi kún un: kó sọ ara di dídán, kó dín ikùn kù, kó mú ilà ojú Màmá fúyẹ́. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ aṣọ náà kò gbọdọ̀ yí padà, nítorí aṣọ ẹbí ni ẹ̀rí pé gbogbo wa jọ wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé àtúnṣe fọ́tò jẹ́ ohun àjèjì sí wa. Ní 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún àti àgbègbè rẹ̀, tí wọ́n máa ń tẹ fọ́tò ìbejì tó kù láyé ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ti lọ. Ìdílé tó gbé iṣẹ́ náà wá mọ ohun tí wọ́n ń béèrè àti ìdí rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ nínú lẹ́tà wa náà nìyẹn: kí àtúnṣe mọ síbi tí a bá fẹnu kò sí.

Bí mo bá jẹ́ ọmọ ilé náà, báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́.

Àkọlé: Ọjọ́ìbí 70 Màmá: àyípadà ẹ̀yìn fọ́tò 80, àpẹẹrẹ 3 lákọ̀ọ́kọ́

Ẹ káàárọ̀ sà, ọ̀gá wa.

A dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbi ọjọ́ìbí Màmá. Gbogbo ilé ló gba fọ́tò náà, ojú àwọn ènìyàn mọ́, ayọ̀ Màmá sì hàn. Ohun kan la fẹ́ bẹ̀ yín sí. Nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ fi sára ògiri òdòdó jẹ́ 60, Màmá sì pé 70. Ògiri náà tún bá gèlè aṣọ ẹbí mu débi pé orí àwọn ènìyàn kò hàn. Kì í ṣe ẹ̀bi yín rárá. A fẹ́ kí ẹ fi ògiri mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn fọ́tò tí ọ̀rọ̀ kàn ni DSC_0118 sí DSC_0187, àfi DSC_0131, DSC_0132, DSC_0160 àti DSC_0174. Ẹ fi DSC_0305 sí DSC_0318 kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 80. Nínú mẹ́rin tí a yọ, àga gbọ̀ngàn àti àlejò hàn lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn pa nọ́ńbà 60 rẹ́ níbẹ̀, kí òdòdó dúró.

Ògiri tuntun: aṣọ aláìlódòdó, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, #24483A láàárín, kó dúdú díẹ̀ sí i léteetí. Kò gbọdọ̀ sí lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àmì ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Kó dà bí aṣọ tí a ta sẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní fífẹ̀, 8 ní gíga, ní ipò kan náà nínú gbogbo fọ́tò. Kí ilẹ̀ gbọ̀ngàn dúró bó ṣe wà. Kí ìmọ́lẹ̀ ògiri wá láti apá òsì bíi ti ojú àwọn ènìyàn. Mo fi fọ́tò aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ èyí tí a ní lọ́kàn mọ́ lẹ́tà yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ojú, ara, tàbí àwọ̀ aṣọ ẹnikẹ́ni. Bí pupa ògiri àtijọ́ bá ti hàn sí etí lẹ́ẹ̀sì Màmá, ìyẹn nìkan ni kí ẹ yọ.

Ṣáájú kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ bá wa ṣe mẹ́ta wọ̀nyí ká kọ́kọ́ rí i: DSC_0122 (Màmá nìkan, gíláàsì ojú àti abẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀), DSC_0145 (ọmọ ìyá méjìlá, títí dé bàtà), DSC_0309 (àwọn àbúrò Màmá, gèlè onínẹ́ẹ̀tì). Bí a bá ti fọwọ́ sí mẹ́ta yìí, ẹ máa bá a lọ pẹ̀lú ìyókù.

Bí ẹ bá parí, a fẹ́ JPEG ní ìwọ̀n tó kún bí ẹ ti yà á, pẹ̀lú orúkọ fáìlì àtijọ́ àti «ewe» lẹ́yìn rẹ̀, bíi DSC_0122_ewe. A ó tẹ DSC_0122 ní ínṣì 16 sí 24 fún ògiri ilé, ìyókù á wọ álíbọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa èyí tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ rẹ́.

A mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni èyí, kò sí nínú owó tí a ti san. Ẹ sọ iye tí ó jẹ́ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí mẹ́ta àkọ́kọ́ lè dé, àti iye ìgbà tí a lè dá a padà fún àtúnṣe láìsan owó mìíràn. Bí fọ́tò kan bá wà tí ẹ rí i pé kò ní dára, ẹ sọ fún wa ká fi sílẹ̀. Èmi nìkan ni yóò máa dáhùn ní orúkọ ilé.

Ẹ ṣeun sà.

Lẹ́tà náà parí síbẹ̀. Ẹ óò rí i pé kò gùn ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ óò sì rí i pé mẹ́ta tí mo mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ jẹ́ àwọn tó ṣòro jù. Ẹni tó bá ní kí onífọ́tò fi èyí tó rọrùn dán an wò yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdùnnú, yóò wá pàdé ìṣòro nígbà tí ọgọ́rin bá dé.

Gbólóhùn ìkẹyìn nínú lẹ́tà náà, pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa dáhùn, wà níbẹ̀ nítorí ìwà ilé ńlá. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fẹ́ àwọ̀ búlúù, àbúrò tó wà ní Ìkẹjà yóò ní kí òdòdó padà wá, àwọn méjèèjì yóò sì kọ̀wé sí onífọ́tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ilé kọ́kọ́ parí ìjà náà láàárín ara wọn kí lẹ́tà tó lọ.

Tí àpẹẹrẹ mẹ́ta bá dé, ẹ má wò ó lórí fóònù nìkan. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sún un mọ́ ojú títí yóò fi kún ojú ẹ̀rọ, ẹ sì wo àwọn ibi kan pàtó. Àkọ́kọ́ ni gíláàsì ojú. Ògiri àtijọ́ máa ń hàn látinú gíláàsì, létí ibi tí ojú parí sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín apá àti ìhà nígbà tí ènìyàn bá gbọ́wọ́ lé ìdí. Wáìnì àtijọ́ lè kù síbẹ̀ bí igun mẹ́ta kékeré. Ẹ wo àárín ọmọ ìka tó di abẹ̀bẹ̀ mú. Ẹ wo ọwọ́ lẹ́ẹ̀sì onínẹ́ẹ̀tì: àwọ̀ ewé ló yẹ ká máa rí gba inú ihò rẹ̀ báyìí, kì í ṣe wáìnì. Ẹ wo etí gèlè, bóyá wọ́n ti gé fọ́nrán rẹ̀ dọ́gba bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, tàbí bóyá ìlà funfun tín-ín-rín kan yí orí ká.

Ohun kan wà tí onífọ́tò tó mọṣẹ́ pàápàá lè máà lè yanjú tán. Ògiri pupa tó sún mọ́ ènìyàn máa ń ju pupa rẹ̀ sí ara wọn, pàápàá sí aṣọ funfun àti sí abẹ́ àgbọ̀n. Bí àwọn ènìyàn bá fara ti ògiri náà, pupa yẹn yóò pọ̀, yíyọ ọ́ sì lè mú kí ara wọn ràn bí eérú. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ó sàn kí a gba pupa díẹ̀ létí aṣọ ju kí a ba àwọ̀ ara Màmá jẹ́. Bákan náà ni fọ́tò tí orí ẹnì kan kò hàn rárá nínú òdòdó, tí ojú kò lè sọ ibi tí gèlè wáìnì ti parí tí òdòdó wáìnì ti bẹ̀rẹ̀. Onífọ́tò yóò ní láti fi ọwọ́ ya etí gèlè náà láti inú èrò tirẹ̀. Tó bá ní òun kò lè ṣe é kó dára, ẹ gbà á gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó kọ̀wé. Fáìlì tí kámẹ́rà kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, tí wọn kì í fún oníbàárà, ló ní ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tó pọ̀ jù, láti inú rẹ̀ ni iṣẹ́ etí gèlè ti máa ń mọ́ jù. Fáìlì wọ̀nyẹn wúwo, ọ̀pọ̀ onífọ́tò kì í sì í pa wọ́n mọ́ títí láé. Ìdí kan náà ló fi yẹ ká gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ya fọ́tò gan-an dípò ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe káàdì ìpè ní òpópónà, nítorí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa nìkan ni onítọ̀hún lè lò.

Nígbà tí ọgọ́rin bá dé, ẹ tò gbogbo wọn kéékèèké sójú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí ẹ má kọ́kọ́ ṣí èyíkéyìí. Èyí tí ògiri rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ìyókù lọ yóò yọ síta fúnra rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ibi tí àléébù wà lára rẹ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìdáhùn kan: DSC_0151_ewe, wáìnì kù láàárín apá òsì Ẹ̀gbọ́n tó dúró lápá ọ̀tún, DSC_0312_ewe, ògiri mọ́lẹ̀ ju ti DSC_0311_ewe lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ṣe ń rí i, kí onífọ́tò lè jókòó tì í kó parí rẹ̀ ní ìjókòó kan.